Àyà Tó Ń Gún Téèyàn Bá Mí Kanlẹ̀: Mọ́sù Ni àbí Ẹ̀dọ̀fóró, àbí Ọkàn?

*"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 41 ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Sátidé tó kọjá la kó lọ ilé tuntun, èmi àti àbúrò mi la gbé jẹnẹrétọ̀ àti fìríìjì gun òkè. Láti ọjọ́ Ajé ni àyà ọ̀tún mi ti há, tí mo bá mí kanlẹ̀ tàbí mo húkọ́ ó máa ń gún mi bí ẹni fi ọ̀bẹ gún un. Ìyàwó mi ní gáàsì ni, àwọn ará ibi iṣẹ́ ní kí n lọ yẹ ọkàn mi wò. Bàbá mi kékeré ṣubú lulẹ̀ lójijì lọ́dún tó kọjá, a ò rí wọn gbà là, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣé iṣan ló fà àbí ọkàn ni?"*

Ẹ kú ìnira o, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè bàbá yín kékeré. Kí n tètè sọ ohun tí mo rò kí ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ìyókù: bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí, mọ́sù, ìyẹn ẹran ara tẹ́ ẹ pè ní iṣan yẹn, ló jọ lójú mi, kò jọ ọkàn. Àmọ́ ọkàn nìkan kọ́ lohun tó yẹ kéèyàn rò tí àyà bá ń gún un nígbà tó bá mí. Ẹ̀dọ̀fóró wà níbẹ̀, òun gan-an ló sì máa ń fara jọ mọ́sù jù, débi pé ó máa ń tan aláìsàn, ó sì máa ń tan àwa dókítà náà nígbà míì. Torí náà mi ò ní kàn sọ fún yín pé mọ́sù ni kí n sì lọ, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí ẹ ṣe máa yẹ ara yín wò nílé lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ sì mọ ohun tí ẹ bá rí tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ dìde lọ ọsibítù kíá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí mímí fi ń dùn yín. Ẹ̀dọ̀fóró fúnra ẹ̀ kì í mọ ìrora, ó lè bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ẹni tó ni ín má mọ nǹkan kan lára. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló yí i ká, ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, èkejì lẹ̀ mọ́ inú egungun ìhà, omi bíńtín wà láàárín àwọn méjèèjì tó ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lára wọn bí ẹni fi òróró pa ọwọ́ méjì tó wá ń fi wọ́n ra ara wọn. Awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun yẹn ló mọ ìrora, ó sì mọ̀ ọ́n gan-an. Tí nǹkan bá ti mú un wú, gbogbo ìgbà tí ẹ̀dọ̀fóró bá fẹ̀ ni yóò máa ha á, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ bí ọ̀bẹ. Àwọn mọ́sù tó wà láàárín egungun ìhà kan sí èkejì náà wà níbẹ̀, ìpele ìpele ni wọ́n, àwọn ló ń gbé egungun yẹn sókè tí ẹ bá ti fa èémí. Ọwọ́ tó bá rọ́, èèyàn lè so ó kọ́rùn títí á fi jiná, àmọ́ èémí ò ṣe é so kọ́, ìgbà 12 sí 20 ni àgbàlagbà ń mí ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo ìgbà yẹn ni mọ́sù tó fà náà ń ṣiṣẹ́.

Ẹ rí i báyìí pé mọ́sù lè gún yín tí ẹ bá mí, awọ ẹ̀dọ̀fóró náà lè gún yín tí ẹ bá mí, wọn ò sì yàtọ̀ létí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ohun tí gígún yẹn ń sọ fún wa kò ju pé nǹkan ọ̀hún wà ní èèpo àyà, ìyẹn níbi ẹran, egungun tàbí awọ. Kò sọ èwo nínú wọn ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí o, wọ́n á ní "ó ń dùn mí tí mo bá mí, torí náà kì í ṣe ọkàn, torí náà mọ́sù ni", wọ́n á wá fo ẹ̀dọ̀fóró dá.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tiyín jọ mọ́sù, àkọ́kọ́ ni ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ẹrù ọjọ́ Sátidé, ìrora dé ọjọ́ Ajé. Bí mọ́sù tí ara ò mọ iṣẹ́ ẹ̀ ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ ẹ lè má mọ nǹkan kan, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ló máa wá le jù. Fìríìjì tí wọ́n gbé gun àtẹ̀gùn, ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa ń fi àyà tì í, ọwọ́ ẹ̀ á nà sókè, ara ẹ̀ á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sí bí mọ́sù ìhà ò ṣe ní rí i. Mo tiẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ wà nísàlẹ̀ àbí àbúrò yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jókòó, ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ìka kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti egungun àárín àyà kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé egungun ìhà kọ̀ọ̀kan lọ sí abẹ́ abíyá, díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ orí egungun, ẹ sì tẹ àlàfo tó wà láàárín egungun méjì. Tó bá jẹ́ mọ́sù, ẹ máa dé ojú ibì kan tí ẹ ó fi pariwo pé "yéè, òun gan-an nìyí!", tó jẹ́ pé ìrora tó ń gún yín tẹ́ ẹ bá mí yẹn gan-an ni ìka yín gbé jáde. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o, torí kò sẹ́ni tí wọ́n máa fi ìka tẹ egungun ìhà ẹ̀ dáadáa tí kò ní dùn ún díẹ̀, ohun tí à ń wá ni ìrora tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ìrora tuntun. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ egungun àárín àyà ló ti ń dùn, níbi tí egungun rírọ̀ ti so ìhà mọ́ ọn, oríkèé ibẹ̀ ló wú nìyẹn, òun náà ò léwu, àmọ́ ó lè pẹ́ ju ti mọ́sù lọ, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan kó tó lọ tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá èémí dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí ara sí òsì, kẹ́ ẹ yí i sí ọ̀tún, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún ti ògiri bí ẹni ń ti mọ́tò tó kú. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí gan-an torí ó ya èémí sọ́tọ̀ kúrò lára mọ́sù. Tẹ́ ẹ bá dá èémí dúró, awọ ẹ̀dọ̀fóró ò fi bẹ́ẹ̀ ra mọ́ra, ìrora tirẹ̀ sábà máa ń rọ̀. Mọ́sù ní tiẹ̀ ò bìkítà bóyá ẹ ń mí tàbí ẹ ò mí, tẹ́ ẹ bá ti yí ara ó máa sọ̀rọ̀.

Tí àwọn méjèèjì yìí bá bára mu, ìyẹn ni pé ìka rí ojú ibẹ̀, yíyí ara náà gbé e jáde, ọ̀rọ̀ ti ń dùn ún gbọ́. Àmọ́ kò tíì parí. Mo ti rí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ tó tún ń ké tí wọ́n bá tẹ ìhà ẹ̀. Títẹ̀ nìkan ò lè jáwèé gbélé-ẹ fún ẹ̀dọ̀fóró, kò sì lè já a fún ọkàn. Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni èémí.

Ohun méjì wà tí àwọn èèyàn máa ń pè ní "mi ò lè mí", wọ́n sì jìnnà síra wọn. Ọ̀kan ni kéèyàn fẹ́ fa èémí, kó dé ìdajì, kí ìrora dá a dúró. Ẹni yẹn ní afẹ́fẹ́ tó, ìrora ni ò jẹ́ kó gbà á tán, tó bá rọra ń mí kékeré kékeré ara á tù ú. Èkejì ni kéèyàn máa mí, kó máa mí, kó má sì tó o, bí ẹni tó sáré gun òkè bẹ́ẹ̀ ó jókòó sójú kan ni. Tó bá jẹ́ èkejì yìí ni, ẹ má ka ìwé mi síwájú mọ́, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti mọ èwo lẹ̀ ń sọ, ó jọ ti àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n.

Kó lè dá yín lójú, kí ìyàwó yín ka èémí yín. Kí ó má sọ fún yín ìgbà tó ń kà á, torí ẹni tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun á yí i padà láìmọ̀, bóyá nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n ni kó ṣe é. Àyà tó gòkè tó sọ̀kalẹ̀, ẹyọ kan nìyẹn. Kó kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan, kó má ka ìdajì kó wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tó bá wà láàárín 12 sí 20, ó dáa. Tó bá lé ní 20, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 10 kó tún un kà, torí ìrora àti ìbẹ̀rù náà máa ń mú kí èémí yára díẹ̀. Tó bá ṣì lé ní 20, kí dókítà rí yín lónìí. Tó bá dé 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dúró di àárọ̀. Kó ka ìlù ọkàn yín náà lọ́rùn ọwọ́, 60 sí 100 ni ti ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, tó bá ń lé ní 100 láìsí ibà, láìsí pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn, ó ní ohun tó ń lé e.

Àwọn kan ti ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti ìgbà kòrónà. Tẹ́ ẹ bá ní in, 95 sókè ló dáa. Àmọ́ mo fẹ́ kí gbogbo àwa aláwọ̀ dúdú mọ nǹkan kan nípa ẹ̀: iná ló ń tàn gba inú ìka kọjá, àwọ̀ dúdú sì máa ń tàn án nígbà míì, ó lè ka nọ́ńbà tó ga ju ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lọ. Làálì àti kútẹ́ẹ̀sì náà máa ń dà á láàmú. Tó bá ka 96 tí èémí ò sì tó yín, èémí yín ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èémí tó báyìí ni obìnrin kan tí mo tọ́jú nígbà kan. Tíṣà ni, ọmọ ọdún 29, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún un, ó sì ti di ọjọ́ 16. Ìhà òsì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún un lábẹ́ ọmú tó bá mí kanlẹ̀. Ìyá ọkọ ẹ̀ ní ọmọ tó ń gbé àti omi tó ń pọn ló fà á, ọ̀rọ̀ yẹn sì bọ́ sí i, èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi omi gbígbóná jó o, wọ́n fi róòbù ra á. Kíliníìkì kan tí wọ́n kọ́kọ́ lọ tẹ ìhà ẹ̀, ó ké, wọ́n ní mọ́sù ni, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ìrora àti oògùn ibà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa.

Kò sí ohun tó le lójú ẹ̀ nígbà tó wọlé, ó kí mi dáadáa. Ohun tó jẹ́ kí n gbé pẹ́ẹ̀nì sílẹ̀ ni pé nígbà tó ń ṣàlàyé ara ẹ̀ fún mi, ó ń dúró láàárín gbólóhùn láti mí. "Ó bẹ̀rẹ̀ láti àná... mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ọmọ tán ni..." Mo ka èémí ẹ̀, 28. Ìlù ọkàn ẹ̀, 118. Ẹ̀rọ orí ìka ka 93. Mo ní kó na ẹsẹ̀ méjèèjì, mo mú téèpù télọ̀, mo wọn ẹran ẹsẹ̀ ẹ̀ ní ibi kan náà nísàlẹ̀ orúnkún lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ti ọ̀tún jẹ́ 35 sẹ̀ǹtímítà, ti òsì 39. Kò tíì kíyè sí i rárá, ó rò pé ẹsẹ̀ òyún ló kù díẹ̀. Tí ẹsẹ̀ kan bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ ju èkejì lọ báyìí, à ń fura pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ yẹn, èyí tó já nínú ẹ̀ bá ẹ̀jẹ̀ gòkè gba inú ọkàn kọjá, ó wá há sí iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tó há sí ò rí ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó wú, ó kan awọ tó mọ ìrora, òun ló ń gún un bí ọ̀bẹ.

Wọ́n ya fọ́tò ẹ́kísíréè àyà fún un, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ tónítóní. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí àwọn èèyàn máa ń gbé fọ́tò àyà tó mọ́ dání bí ìwé ẹ̀rí. Fọ́tò yẹn ń fi òtútù àyà hàn, ó ń fi omi inú àyà hàn, ó ń fi ẹ̀dọ̀fóró tó jò hàn, àmọ́ kì í sábà fi ẹ̀jẹ̀ dídì hàn. Síkáànì tí wọ́n fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ àwọ̀ sínú iṣan kí wọ́n tó ya á ni ó fi í hàn. A ò dúró de síkáànì kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, torí ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ tó: a fún un ní ọ́síjìn, a sì bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́, ìwọ̀n ara ẹ̀ la fi mọ iye tó máa gbà. Síkáànì padà fi ẹ̀jẹ̀ dídì hàn ní ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Torí ó ń fún ọmọ lọ́mú, a fara balẹ̀ yan oògùn oníhóró tí kò ní pa ọmọ lára. Irú oògùn yìí, ó kéré tán oṣù mẹ́ta lèèyàn máa ń lò ó. Ara ẹ̀ yá, ọmọ yẹn ti ń sáré kiri báyìí. Mo máa ń rò ó pé tó bá jẹ́ pé wọ́n tún fi ọjọ́ méjì sí i ra á ní róòbù nílé ńkọ́.

Torí ẹ̀ ni mo fi fẹ́ béèrè ohun tí ẹ ò kọ lọ́wọ́ yín. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, ṣé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ kankan fún yín, tàbí wọ́n fi pí-ò-pí so ẹsẹ̀ yín? Ṣé ẹ ṣàìsàn tó dá yín dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹ jókòó sí mọ́tò tàbí bàálù fún wákàtí mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́wàá láìdìde? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ti dì lára yín rí, tàbí lára òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín? Ṣé ẹ ń tọ́jú jẹjẹrẹ? Tó bá jẹ́ obìnrin ló ń ka èyí, kí ó fi oyún kún un, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ, àti oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró tó ní ẹsitirójìn nínú. Ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo níbẹ̀, kódà tí èémí dáa, tó fún mi kí n sọ pé kẹ́ ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò kẹ́ ẹ tó pè é ní mọ́sù. Ẹ wo ẹran ẹsẹ̀ yín náà, tí ọ̀kan bá wú, tó ń gbóná tàbí tó ń dùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra á o.

Àwọn ọ̀ràn ẹ̀dọ̀fóró yòókù ò ṣòro dá mọ̀ tó ìyẹn. Òtútù àyà máa ń mú ibà, ìgbọ̀n àti ikọ́ tó ń pọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá. Ikọ́ ife máa ń rọra wọlé, ikọ́ tó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, òógùn òru, ara tó ń rù, omi lè wá kún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀dọ̀fóró tó jò kí afẹ́fẹ́ bọ́ síta ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin gíga tín-ín-rín ló sábà máa ń ṣe, lójijì gbáà ni, kì í sì í sábà jẹ́ kéèyàn mí dáadáa. Ẹni tó bá sì ní fòníkú-fọ̀ladìde ò gbọ́dọ̀ dá ìrora àyà tọ́jú nílé láé, tó bá ń gún un tó bá mí, tó tún ní ibà tàbí ikọ́, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an ni, torí ó lè yí padà láàárín wákàtí díẹ̀.

Ó wá ku ọkàn tó ń bà yín lẹ́rù. Mọ́sù ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́, ìrora ẹ̀ kì í sábà gún. Á máa tẹ èèyàn mọ́lẹ̀, á há, bí ẹni gbé odó lé e láyà, ojú ẹ̀ á gbòòrò, ẹni tó ń ṣe ò ní lè fi ìka kan tọ́ka sí i, àtẹ́lẹwọ́ tàbí ẹ̀ṣẹ́ ló máa fi bo àárín àyà ẹ̀. Ó lè gba ejìká tàbí apá òsì tàbí àgbọ̀n lọ, òógùn tútù á bo èèyàn, inú á rú u bí ẹni fẹ́ bì. Tó bá mí kanlẹ̀ kò pọ̀ sí i, tó bá yí ara kò dín kù. Ìrìn, àtẹ̀gùn tàbí ìbínú ló sábà máa ń mú un wá, ìsinmi sì lè mú kó rọ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà. Tiyín tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, lápá ọ̀tún, tó ń dúró dé èémí kó tó gún, kò rìn lọ́nà yẹn. Àmọ́ mo ní láti sọ ọ́ kó tó bó ṣe yẹ: àwọn obìnrin, àwọn àgbàlagbà àtàwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè má rí ìrora tó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ rárá, ó lè kàn rẹ̀ wọ́n gidi, kí inú wọn sì máa rú. Ọ̀kan wà tó tún jẹ́ ti ọkàn tó máa ń gún tẹ́ ẹ bá mí, ìyẹn ni kí àpò tó bo ọkàn wú. Àmì tí mo fi ń mọ̀ ọ́n ni pé tí ẹni náà bá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ó máa le, tó bá jókòó tó tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ so okùn bàtà, ara á tù ú. Ẹ dán èyí náà wò lálẹ́ òní, tó bá rí bẹ́ẹ̀ lára yín, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọkàn wò.

Tẹ́ ẹ bá lọ nítorí ọkàn, wọ́n á lẹ wáyà mọ́ yín láyà, ẹ̀rọ á ya ìlù ọkàn yín sórí ìwé gígùn kan. Tí ìwé yẹn bá dáa lẹ́ẹ̀kan, kò túmọ̀ sí pé ó ti tán, wọ́n tún máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ohun tó máa ń jò jáde láti inú mọ́sù ọkàn tó bá farapa, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wákàtí mélòó kan torí ó máa ń pẹ́ kó tó gòkè. Ẹni tí wọ́n bá ní kó dúró de ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ má jẹ́ kó bínú kó lọlé. Ti bàbá yín kékeré, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ láàárín oṣù yìí, ọmọ ọdún 41 yẹ kó ti ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ kúkú fi ti bàbá yín kékeré ṣe ìdí. Ìyẹn wà lọ́tọ̀ sí ìrora yìí.

Tí gbogbo ẹ̀ bá mọ́, tó jẹ́ mọ́sù, parasitamó oní 500 ni kẹ́ ẹ lò, hóró méjì lẹ́ẹ̀kan, kó tó wákàtí mẹ́fà kẹ́ ẹ tó tún lò ó, kó má ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ wo ara páálí oògùn òtútù tẹ́ ẹ bá ń lò, parasitamó sábà máa ń wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ má lọ lò ó ní ìlọ́po méjì. Tí ìyẹn ò bá tó, àìbùpúrófẹ̀nì oní 400 lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ló pọ̀ jù, fún ọjọ́ díẹ̀ péré. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tí kídìnrín ń dà láàmú, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tó ní ikọ́ fée, kó má fọwọ́ kàn án láìbéèrè. Ẹ fi aṣọ gbígbóná lé ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, torí ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ tí omi tútù ń ṣiṣẹ́ ti kọjá. Róòbù ò burú, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń ṣe tó sì ń dá wàhálà míì sílẹ̀ ni kí wọ́n mú ọ̀já tàbí bándéèjì kí wọ́n fi di àyà pinpin. Ara á tù wọ́n lóòótọ́, torí àyà ò fẹ̀ mọ́, àmọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ ò dé mọ́ á pa dé, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dúró síbẹ̀, òtútù àyà sì lè wọlé lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ ṣe òdìkejì ẹ̀: ẹ lo oògùn, kó tó ìṣẹ́jú 40, kẹ́ ẹ gbá pílò mọ́ra lé ojú ibi tó ń dùn yẹn, kẹ́ ẹ wá mí kanlẹ̀ nígbà 10, díẹ̀díẹ̀, bí ara bá ṣe lè gbà á tó. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fi lajú, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ húkọ́ náà, ẹ gbá pílò mọ́ra kẹ́ ẹ tó hú u.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó yẹ kẹ́ ẹ rí i pé ó ti ń dín kù, kó má ju pé kó gún yín díẹ̀ lọ tí ẹ bá ṣe nǹkan lójijì. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà ló máa ń gbà kó tó tán pátápátá, nínú ìgbà yẹn kí ẹlòmíì gbé jẹnẹrétọ̀. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ ń lọ ló ń le sí i, tàbí ibà dé, tàbí ẹ húkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ẹ̀, tàbí òòyì kọ́ yín tẹ́ ẹ fẹ́ dákú, tàbí ẹsẹ̀ kan wú, tàbí ìrora yí padà di èyí tó ń tẹni mọ́lẹ̀, ẹ má tún lo oògùn ìrora bò ó, ẹ pe 112 tàbí kẹ́ni kan fi mọ́tò gbé yín lọ sí ọsibítù ńlá tó ní ẹ̀mágẹ́ńsì, ẹ má fúnra yín wa mọ́tò.

Lálẹ́ òní kí ìyàwó yín ka èémí àti ìlù ọkàn yín, kó kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú aago tó kà á, kó tún un ṣe lọ́la ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Tó bá di pé ẹ lọ ọsibítù, ẹ mú ìwé yẹn dání kẹ́ ẹ gbé e fún dókítà tó bá kọ́kọ́ rí yín, kẹ́ ẹ sì sọ ti fìríìjì fún un, kẹ́ ẹ sọ ti ìrìn àjò náà tó bá wà níbẹ̀.